Kí Wọ́n Rí Ojú Yín, Kí Wọ́n Gbọ́ Ohùn Yín

Ẹni tó bá ti ya fọ́tò rí ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tó wu ẹni lèèyàn ń jókòó sí. Onífọ́tò á ní kó kọjú síbí, kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, á tan iná síwájú rẹ̀, kó tó ya á. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò fún iṣẹ́ lórí Zoom, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe gbogbo èyí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo n'Íbàdàn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, tí wọ́n fún ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Bó bá kẹ̀yìn sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kámẹ́rà á tẹ̀ lé, á dín ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán kù, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Kó gbé tábìlì lọ síwájú fèrèsé, kó kọjú sí i. Oòrùn ṣì lè máa wọlé tààrà lásìkò yẹn, nítorí náà kó ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Kó fi ìwé gbé kọ̀ǹpútà sókè títí kámẹ́rà á fi bá ojú rẹ̀ dọ́gba.

Ní ti ohùn, kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń dún padà, ògiri àti ilẹ̀ ló ń dá ohùn padà. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì àti aṣọ tó kọ́ sára ògiri máa ń dín in kù. Ìdí nìyẹn tí yàrá fi máa ń sàn ju pálọ̀ tí kò ní nǹkan púpọ̀ nínú. Zoom lè dín ariwo fáànù àti jẹnẹrétọ̀ kù, àmọ́ bí ariwo bá pọ̀ jù, á máa gé lára ọ̀rọ̀ ẹni náà. Íápíìsì tí máìkì rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ló dára jù.

Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìpè ẹni méjì tí àwòrán rẹ̀ mọ́ dáadáa ń fẹ́ nǹkan bí 600 kbps ní lílọ àti bíbọ̀. Wákàtí kan á jẹ tó 540 MB dátà. Bí ẹ bá ń gbọ́ wọn ketekete tí wọ́n sì ń sọ pé ohùn yín ń já, ọ̀nà tí ẹ fi ń ránṣẹ́ ló dí. Ẹ tọrọ gáfárà, kí ẹ tẹ Stop Video: ohùn nìkan kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí àwòrán ń gbà. Kí bátìrì kún, kí síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní dátà sì wà nínú fóònù, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà.

Oòrùn, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní àsìkò tiwọn. Nítorí náà, ẹ lọ dán gbogbo rẹ̀ wò ní zoom.us/test lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní aago kan náà gan-an tí wọ́n fún yín.