Ohun Tí Ẹnu Kò Sọ, Tí Etí Gbọ́

Obìnrin kan yá aládùúgbò rẹ̀ ní jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ìyẹn máa gbé e padà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jó. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní: “Bàbá Ṣadé, ẹ ṣé o, ẹ mà bá mi tọ́jú ẹ̀ gan-an.” Kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ń dúpẹ́. Báwo wá ni ọpẹ́ ṣe di ìbáwí?

Paul Grice, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn irú ìbéèrè yìí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Yunifásítì Harvard ní 1967. Ó ní àwọn tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ ti jọ gbà láìsọ ọ́ síta pé àwọn ò ní purọ́, àwọn á sọ ìwọ̀n tó yẹ, àwọn ò ní yà kúrò lórí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn á sì yéni.

Òpùrọ́ máa ń rú ìlànà yìí ní ìkọ̀kọ̀. Gbangba ni obìnrin yìí ti rú u. Ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì jó, Bàbá Ṣadé mọ̀, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé àwọn jọ mọ̀ ọ́n. Bàbá Ṣadé á wá rò ó pé: ohun tó sọ yìí kì í ṣe òótọ́, kò sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ tàn mí, síbẹ̀, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. A jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló fẹ́ kí n mú níbẹ̀, òdìkejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì súnmọ́ jù. Ìtumọ̀ tí olùgbọ́ fi ìrònú bẹ́ẹ̀ bá yìí ni iṣẹ́ Grice dá lé. Àlejò tí kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì jó yóò gbọ́ ọpẹ́ lásán.

Ọ̀nà kan náà ni sísọ ọ̀rọ̀ kéré ju bó ṣe rí ń gbà. Ká ní àgbàrá gbé ìsọ̀ lọ lọ́jà, tí ìyálọ́jà wá ní, “Òjò àná rọ̀ díẹ̀.” Gbogbo wa la rí ohun tó bàjẹ́, nítorí náà “díẹ̀” kò tó. Bí kò ṣe tó yẹn gan-an ló ń jẹ́ ká gbọ́ bí òfò náà ṣe pọ̀ tó. Abẹ́ ìlànà òtítọ́ ni Grice ka irú èyí sí, àmọ́ lójú tèmi, ìlànà ìwọ̀n ló bá a mu jù, torí òjò tó rọ̀ púpọ̀ ti rọ̀ díẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n irọ́ gbangba nìkan kò tó láti sọ ọ̀rọ̀ di irú ti jẹnẹrétọ̀ yẹn. Grice fúnra rẹ̀ rí èyí nínú àròkọ kan tó jáde ní 1978. Ká ní ẹni méjì ń rìn lọ, wọ́n rí ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ti fọ́, ọ̀kan wá ní, “Wò ó, gbogbo fèrèsé ọkọ̀ yìí ló pé.” Irọ́ ni, ó sì hàn sí àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ẹnì kejì á kàn máa wò ó ni, kò ní mọ ohun tó ń sọ. Grice ní ohun tó kù níbẹ̀ ni ìmọ̀lára: ìbínú, ẹ̀gàn tàbí ìdálẹ́bi tí sísọ òdì fi ń hàn. Fèrèsé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kò dun ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá wí.