Èló Lo Máa Rà Lóṣù? Fọ́ọ̀mù Àwìn Àwọn Onísọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní Ráì Léènì tó wà ní Pẹ́kàmù, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ ilé wa kò wọ́n. Ìrẹsì, epo pupa, gàrí, ẹ̀lùbọ́, ohun mímu inú agolo: ọ̀dọ̀ àwọn olùpèsè tó ń tajà ní àpò àti ní páálí ni àwọn onísọ́ọ̀bù ti ń kó o, owó ọwọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọjà bá wá ń yá, tí gbogbo owó sì ti wọ inú ọjà tán, onísọ́ọ̀bù á béèrè bóyá òun lè máa kó ọjà láwìn. Fọ́ọ̀mù ni wọn yóò fi dá a lóhùn.

Ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè bá a sọ̀rọ̀, kí ọjà sì jáde. Ṣùgbọ́n ní ilé ọjà ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, akọ̀wé tó ń pinnu àwìn lè má tilẹ̀ rí oníbàárà náà sójú rí. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ló máa wò, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè méjì fi ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ: ta ló ti tajà láwìn fún ọ rí, àti pé èló lo máa rà lóṣù kan?

Ká tó dé ibẹ̀, orúkọ lè dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù lè yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n fi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ní Kọ́ńpánìsì Háọ̀sì. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ìjọba ni fọ́ọ̀mù ń béèrè, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tí kò dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tó ń dá òwò ṣe fúnra rẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò kọ, kó sì fi ti pátákó tẹ̀ lé e. Bí àwọn ẹlẹ́rìí bá mọ obìnrin kan sí Ìyá Bọ̀sẹ̀, tí fọ́ọ̀mù sì ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọn kò gbọ́ rí, ohun tí wọ́n máa fèsì ni pé àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í ṣe níbí, torí wọ́n máa ń kọ orúkọ pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n tó rí já jẹ, tàbí ilé ọjà tí wọ́n ti ń fi owó ọwọ́ rajà láti ọdún mẹ́ta. Kò sí èyí tó lè dáhùn ohun tí akọ̀wé fẹ́ mọ̀. Ohun tó máa béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí ni pé: ìgbà wo lẹ ti ń ta àwìn fún un? Ọjọ́ mélòó lẹ fún un láti san? Gbèsè tó ga jù tó ti jẹ yín rí, èló ni? Ṣé ó máa ń san lásìkò? Ẹni tó ń gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kò lè sọ bí oníbàárà ṣe ń san gbèsè.

Onísọ́ọ̀bù tó bá wo àyíká rẹ̀ dáadáa sábà máa ń rí ẹlẹ́rìí tí kò kà sí. Ẹni tó ń gbé búrẹ́dì wá lójoojúmọ́ tó sì ń gba owó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àwìn ló ń tà. Ẹni tó ń kó ọ̀rá ìkójà wá tó ń fún un lóṣù kan náà ńkọ́? Ẹlẹ́rìí lòun náà. Kó kọ́kọ́ pè wọ́n kó tó kọ orúkọ wọn, torí àwọn kan kì í jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì tó ń tọ́jú owó níbẹ̀ ni kó sì kọ, kì í ṣe nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà tó ń já ẹrù. Ìwé tí kò rí èsì lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ìbéèrè kejì ni iye tó máa rà lóṣù, òun gan-an ló sì gba ìrònú jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ti ń fowó rajà lọ́dọ̀ olùpèsè yìí tẹ́lẹ̀. Ó ṣa rìsíìtì rẹ̀ jọ: pọ́ùn 3,200 ní oṣù kẹjọ, 3,600 ní oṣù kẹsàn-án, 3,700 ní oṣù kẹwàá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10,500, tí a bá sì pín in sí mẹ́ta, 3,500 ló ń rà lóṣù. Iye tó ń rà lọ́dọ̀ olùpèsè yìí nìkan ni kó kọ, kì í ṣe gbogbo ọjà ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe iye tó ń tà. Kó ka owó orí ọjà mọ́ ọn pẹ̀lú: ìrẹsì àti gàrí kò ní in, ṣùgbọ́n ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí ohun mímu inú agolo.

Ó kọ 3,500, olùpèsè sì fún un ní àwìn tí kò gbọdọ̀ kọjá 3,500. Ó dà bíi pé ó ṣe rẹ́gí, àbí? Wàhálà wà nínú ọjọ́ ìsanwó. Bí àdéhùn bá sọ pé kí wọ́n san owó ọjà oṣù kìíní ní ìparí oṣù kejì, gbèsè 3,500 ti pé lọ́rùn rẹ̀ kí oṣù kìíní tó parí. Bó bá tún béèrè ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, kọ̀ǹpútà á kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ gbèsè tó ti kọjá ọjọ́. Nígbà tí oṣù kejì bá ń parí lọ, tí kò tíì san ti oṣù kìíní, oṣù méjì ló wà nílẹ̀: pọ́ùn 7,000. Nítorí náà, 3,500 ni kó kọ sí iye tó ń rà lóṣù, kó sì kọ 7,000 sí àwìn tó fẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé owó kọ̀ọ̀kan ni àdéhùn sọ, nǹkan bíi 3,500 lè tó o.

Àwọn kan máa ń kọ 10,000 kí wọ́n lè dà bí ẹni ńlá. Kò bọ́gbọ́n mu. Ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ wà ní gbangba ní Kọ́ńpánìsì Háọ̀sì, akọ̀wé á sì wò ó. Ilé-iṣẹ́ tuntun lè má tíì ní nǹkan kan níbẹ̀, torí oṣù mọ́kànlélógún ni òfin fún un kó tó fi ìṣirò àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ìgbà yẹn, ẹ̀rí ẹlẹ́rìí ló kù. Bí ẹni tó ń ta ọ̀rá bá sì sọ pé àwìn òun kò kọjá 500 rí, kò ní rọrùn fún akọ̀wé láti fún un ní 7,000. Ó lè fún un ní 2,000 fún oṣù mẹ́fà. Èyí kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀: bó bá ń san díẹ̀ láàárín oṣù, àyè á máa ṣí, ọjà á sì máa wọlé.

Ojú-ewé ìkẹyìn ni kó fara balẹ̀ kà jù. Níbẹ̀ ni olùpèsè ti lè ní kí òun fúnra rẹ̀ ṣe oníduró fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá buwọ́ lù ú, tí ilé-iṣẹ́ kò sì rí owó san, wọ́n lè bá a dé orí ohun ìní tirẹ̀. Ó lè béèrè pé kí wọ́n kọ iye tí ìdúró náà kò gbọdọ̀ kọjá sínú rẹ̀. Bí kò bá sì sí ohun mìíràn nínú àdéhùn, òfin ọdún 1998 fún olùpèsè láyè láti fi èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kún iye èlé Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí owó tó pẹ́.

Ó ku oṣù Kérésì, tí 3,500 lè di 6,000. Kí obìnrin náà má dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ní já ẹrù. Ní oṣù kẹwàá ni kó ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì àwìn, kó fi rìsíìtì oṣù kejìlá ọdún tó kọjá tì í, kó sì béèrè fún àfikún oṣù méjì péré.