Páì Ṣáàtì Olójú Mẹ́wàá Tó Ṣi Àǹtí Mi Lọ́nà

Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti nǹkan ìlò inú ilé. Lọ́dún tó kọjá, àjọ kàn wọ́n, wọ́n sì fẹ́ fi owó náà kún ọjà mẹ́ta tó ń mú owó wọlé jù. Wọ́n ní kí n bá wọn ṣírò ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé títà fún oṣù mẹ́ta. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ṣírò rẹ̀ dáadáa, mo wá fi ya páì ṣáàtì kan tó rẹwà: àwọ̀ mẹ́wàá fún ọjà mẹ́wàá. Mo tún ní kí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ sílẹ̀ díẹ̀, kó lè dà bíi kéèkì gidi lórí tábìlì. Orí mi wú, ẹ má parọ́ fún ara yín, ẹ̀yin náà ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Àǹtí wò ó títí, wọ́n ní, "Ìrẹsì, epo pupa, òróró. Àwọn ni mo máa rà kún."

Èmi náà wò ó, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Ìrẹsì tọ̀nà. Méjì yòókù kò tọ̀nà rárá. Gààrí ló wà ní ipò kejì, ẹ̀wà ló sì wà ní ipò kẹta. A ò mọ̀ títí tí àwọn kẹ́ẹ̀gì epo fi jókòó pa sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn tó wá ra gààrí sì ń sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Nígbà tí mo padà ṣí ìṣirò náà, mo rí i pé 14% ni gààrí, epo pupa sì jẹ́ 11%. Ìṣirò mi kò ní àṣìṣe kankan. Àwòrán tí mo yà ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Gbogbo òbìrí jẹ́ dígírì 360, nítorí náà 1% gba dígírì 3.6. Ẹ̀wà, tó jẹ́ 13%, gba dígírì 46.8. Òróró, tó jẹ́ 12%, gba dígírì 43.2. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ dígírì 3.6 péré. Lójú aago, láti ìṣẹ́jú kan sí èkejì jẹ́ dígírì 6, ìyàtọ̀ tí à ń wí yìí kò wá tó ìyẹn. Èyí tó tún burú ni pé ẹ̀là kan kọjú sókè, èkejì kọjú sí ìsàlẹ̀. Ojú kò lè gbé wọn sún mọ́ra kó fi wọ́n wé ara wọn. Bí ẹ̀là bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, èyí kì í dani láàmú. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, gbogbo wọn á sún mọ́ra ní títóbi, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò.

Bí mo ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ tún dá kún un. Bí a bá tẹ́ páì sílẹ̀, àwọn ẹ̀là iwájú máa ń fẹ̀ sí i, a sì tún máa ń rí ẹ̀gbẹ́ wọn bí ẹni ń wo ìdí kéèkì. Àwọn ti ẹ̀yìn á sì fún pọ̀. Iwájú ni epo pupa àti òróró bọ́ sí. Ẹ̀yìn ni gààrí àti ẹ̀wà wà.

Wàhálà kẹta ni ti àwọ̀. Mo kọ orúkọ àwọn ọjà sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àwọ̀ wọn. Kí Àǹtí tó mọ ẹ̀là gààrí, wọ́n ní láti wo àwọ̀, kí wọ́n wá a lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n tún padà sínú òbìrí. Wọ́n á ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá! Kí wọ́n tó dé ìkẹwàá, wọ́n ti gbàgbé ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. William Playfair, ọmọ Skọ́tilándì, ló kọ́kọ́ tẹ irú àwòrán yìí jáde lọ́dún 1801. Ọ̀kan nínú èyí tó yà fi bí ilẹ̀ ìjọba Tọ́kì ṣe pín sí Éṣíà, Yúróòpù àti Áfíríkà hàn. Ẹ̀là mẹ́ta péré! Lọ́dún 1984, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, William Cleveland àti Robert McGill, wá dán ojú èèyàn wò. Wọ́n fi iye márùn-ún sínú páì, wọ́n sì tún fi irú rẹ̀ ya ọ̀pá. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn sọ ìdá tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú èyí tó tóbi jù. Àṣìṣe àwọn èèyàn lórí páì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọ̀pá. Ojú wa mọ bí a ṣe ń wo ibi tí nǹkan parí sí lórí ìlà kan náà ju bí a ṣe ń wọn igun lọ.

Ó dáa, kí ni ká wá lò? Ọ̀pá tó dùbúlẹ̀. Ẹ wo ọjà Àǹtí bó ṣe rí nígbà tí mo tún un yà:

```
Ìrẹsì      ■■■■■■■■■■■■■■■■ 16%
Gààrí      ■■■■■■■■■■■■■■ 14%
Ẹ̀wà        ■■■■■■■■■■■■■ 13%
Òróró      ■■■■■■■■■■■■ 12%
Epo pupa   ■■■■■■■■■■■ 11%
Spàgẹ́tì    ■■■■■■■■■■ 10%
Ṣúgà       ■■■■■■■■■ 9%
Mílíìkì    ■■■■■■■■ 8%
Ọṣẹ        ■■■■■ 5%
Iyọ̀        ■■ 2%
```

Mo tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù dé èyí tó kéré jù. Mo kọ orúkọ kálukú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀, kò sí pé à ń wá àwọ̀ kiri mọ́. Àwọ̀ kan ṣoṣo ti tó. Gbogbo ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ láti orí 0, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an: bí mo bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 10, ọ̀pá ìrẹsì á gùn tó ìlọ́po mẹ́fà ti epo pupa, irọ́ gbuu sì nìyẹn.

Ohun kan wà tí ọ̀pá pàdánù o. Páì máa ń jẹ́ ká rí i lójú ẹsẹ̀ pé gbogbo nǹkan yìí para pọ̀ di odidi kan. Ọ̀pá kì í sọ ìyẹn fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán: "Ìdá tí ọjà kọ̀ọ̀kan kó nínú gbogbo owó títà." Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀là méjì tàbí mẹ́ta péré lẹ ní, tí ohun tí ẹ fẹ́ sọ sì jẹ́ pé ọ̀kan ju ìdajì lọ, ẹ ya páì yín, kò sẹ́ni tó máa mú yín.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ká kàn kó àwọn kékeré pọ̀ sínú 'Àwọn yòókù'." Ẹ rọra. Bí mo bá kó gbogbo ọjà tí kò tó 10% pọ̀, ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ àti iyọ̀ jẹ́ 24% lápapọ̀. "Àwọn yòókù" á wá tóbi ju ìrẹsì lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kì í wọ ṣọ́ọ̀bù wá ra "àwọn yòókù".

Kí ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ dán an wò báyìí: ẹ yọ gbogbo nọ́ńbà kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ fún ẹnì kan pé kó to àwọn nǹkan náà láti orí èyí tó tóbi jù. Bó bá ṣì í tò, àwòrán náà kò ṣiṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ nìkan ló gbà á là, àtẹ nọ́ńbà lásán ì bá ti tó.

Mo gbé ọ̀pá tuntun náà fún Àǹtí láìsí nọ́ńbà. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ láti òkè wá sísàlẹ̀: "Ìrẹsì, gààrí, ẹ̀wà." Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo àwọn kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lẹ́yìn, wọ́n wá wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, èyí wà, o wá lọ ya kéèkì fún mi?"