Òkè Ilé àti Ìsàlẹ̀ Ilé: Eré Méjì Tí Òǹwòran Ń Fi Ọ̀kan Pe Èkejì

Bí ìbejì ti jọra tó, ìyá wọn kì í fi Táíwò pe Kẹ́hìndé. Eré àtìgbàdégbà méjì kan wà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jọra bẹ́ẹ̀. Upstairs, Downstairs ni ọ̀kan, tí wọ́n gbé jáde lórí tẹlifíṣàn láti 1971 dé 1975. Downton Abbey ni èkejì, láti 2010 dé 2015. Nínú méjèèjì, àwọn ọlọ́lá ń gbé òkè ilé, àwọn ìránṣẹ́ wọn sì ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀.

Ká ní òǹwòran kan ń wá eré tí ọkọ̀ ojú omi Títáníkì ti pa ará ilé, tí Ogun Àgbáyé Kìíní sì dé lẹ́yìn náà. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dárúkọ eré kankan, nítorí pé ohun méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ nínú eré méjèèjì. Ìtàn ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1903, ó parí ní 1930. Ti èkejì bẹ̀rẹ̀ ní 1912, ó sì wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1926. Ọdún nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìbéèrè tó yẹ ni pé: ta ni ó kú, kí sì ni ikú náà dá sílẹ̀? Nínú Upstairs, Downstairs, Lady Marjorie Bellamy, ìyàwó baálé, ni ó kú. Òǹwòran ti mọ̀ ọ́n fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà òpin ìgbà kan ni ikú rẹ̀. Nínú Downton Abbey, àwọn àrólé méjì tí òǹwòran kò tíì mọ̀ ni ó kú, ìròyìn náà sì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní. Ikú yìí ni ó bí ìtàn: baálé bí ọmọbìnrin mẹ́ta, òfin kò sì jẹ́ kí obìnrin jogún oyè àti ilẹ̀ náà.

Ibùdó ìtàn tún ń jẹ́rìí sí i. Ilé ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ni ti Bellamy, tí ó jẹ́ aṣòfin. Ààfin láàárín oko ní Yọ́kìṣáyà ni Downton. Bí òǹwòran bá rántí aáwọ̀ lórí ilẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ tó ń san owó ilẹ̀, Downton ni ó wò. Ní ti òṣèré, olórí ìránṣẹ́ ni ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú, nítorí iṣẹ́ kan náà ni Hudson (Gordon Jackson) àti Carson (Jim Carter) ń ṣe.

Ọ̀fìn kan ṣì wà. Ní 2010 kan náà tí Downton bẹ̀rẹ̀, BBC jí Upstairs, Downstairs dìde. Ilé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ọdún 1936 ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹbí tuntun ló ń gbé ibẹ̀, Rose (Jean Marsh) nìkan ni ó sì ṣẹ́kù nínú àwọn ìránṣẹ́ àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní eré ti 2010 ni òun wò kò tíì dáhùn. Bí ó bá rántí ọba tó fi oyè sílẹ̀ nítorí obìnrin, kì í ṣe Downton.