Ṣé "ẹ gba àtẹ̀gùn" ni àbí "ẹ gba atẹ́gùn"?

Hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò bí àlejò ṣe máa jáde tí iná bá sọ. Ohun tí sípíkà ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ rèé: "Ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, ẹ má fòyà rárá. Nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ń bójú tó lọ́wọ́, à ń rọ̀ yín pé kẹ́ ẹ kúrò nínú yàrá yín ní kété tó bá rọ̀ yín lọ́rùn..."

Agbẹjọ́rò ló máa ń kọ irú èyí. Mo mọ̀, ilé ìwé kan náà la jọ lọ. Wọn ò dárúkọ iná rárá. Ẹni tó bá sì gbọ́ "ẹ má fòyà" láago méjì òru, ẹ̀rù á ti bà á kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí: "Ẹ fetí sílẹ̀. Iná ń jó nílé ìdáná. Ẹ jáde nísìnyí. Ẹ fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi lífìtì sílẹ̀. Ẹ pàdé wa níwájú géètì." Ó tán. Kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tún un sọ, lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Iná ló ṣáájú torí pé èèyàn kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìmọ ìdí. Ẹni tó wà lókè pátápátá sì lè rò pé iná ìsàlẹ̀ ò kan òun. Lọ́dún 1980, ilé oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì MGM Grand ní Las Vegas. Èèyàn 85 ló kú, èéfín ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ lára wọn lókè lọ́hùn-ún.

Kí ló dé tí mi ò fi kọ "ẹ má wọ lífìtì"? Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni "má". Tí ariwo bá gbé e mì, "ẹ wọ lífìtì" ló kù, bẹ́ẹ̀ sì ni iná mànàmáná lè lọ kí lífìtì há pẹ̀lú èèyàn nínú. "Ẹ gba àtẹ̀gùn" náà ní ìṣòro tiẹ̀. Sípíkà tó ń ha máa ń ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́, àlejò á sì gbọ́ "ẹ gba atẹ́gùn", ló bá lọ dúró sí bálíkónì tó ń gbafẹ́! "Ẹ fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀" ò ní ìtumọ̀ méjì.

Ohun kan kù. Aago ìdágìrì gbọ́dọ̀ dákẹ́ nígbà tí ohùn bá ń sọ̀rọ̀. Tí méjèèjì bá jọ ń dún pọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ju "ẹ" lọ. Kí máníjà lọ dúró sí yàrá tó jìnnà jù, kó tilẹ̀kùn, kó ní kí wọ́n kà á. Tí kò bá gbọ́ "fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀" ketekete, kó pe oníṣẹ́ sípíkà kó tó gba àlejò míì.