Géèmù Tí Kò Ní Jẹ Dátà Tán

Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ máa ń wo ìwọ̀n géèmù kó tó gbà á sórí fóònù. Orin wà lára ohun tó ń mú un wúwo. Orin ìṣẹ́jú 3 tí wọ́n fi sílẹ̀ ní WAV, bó ṣe jáde níbi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀, lè ju mẹ́gábáìtì 30 lọ. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di Ogg ní 96 kbps, kò ní ju bíi 2 lọ, etí ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù kékeré. Àmọ́ tí wọ́n bá fún un jù, ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ìyẹn nìkan ò tó. Ẹ pa dátà, kí ẹ wá ṣí géèmù náà. Bó bá dúró gbagidi lójú ìwé àkọ́kọ́, sẹ́fà ló ń retí. Ó yẹ kó kọ máàkì pa mọ́ sínú fóònù, kó fi ránṣẹ́ nígbà tí dátà bá dé.

Ẹ̀bùn ojoojúmọ́ ló ṣòro: ẹni tó bá sún aago fóònù síwájú lè gba tọ̀la lónìí. Lójú tèmi, kí wọ́n jẹ́ kó gbà á. Ìdíje láàárín ẹni méjì nìkan ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún sẹ́fà.