Kí Ẹni Tó Fẹ́ Gba Ilé Tó Dé

Ẹni tó wá wo ilé kì í sọ gbogbo ohun tó rí. Yóò wọlé, yóò yí ká, yóò ní, "Ilé yìí mà dáa o," yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ èjẹ́ǹtì, ẹ ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Onílé á rò pé owó ilé ló lé e sá. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ òórùn tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ni, tàbí yàrá tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, tàbí ilẹ̀kùn tí èjẹ́ǹtì fi èjìká tì kó tó ṣí. Owó kékeré ló ń tán irú nǹkan báyìí, bí a bá mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Sùúrùlérè ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó wà lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta. Ayálégbé kó jáde nínú òjò, onílé ti ilẹ̀kùn pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó wá ń retí kí èjẹ́ǹtì mú èèyàn wá.

Ohun tó máa kọ́kọ́ kí àlejò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òórùn. Ọ̀pọ̀ onílé á rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n á fọ ilẹ̀ títí, òórùn kò ní lọ. Ibi tó ti ń wá ni ihò omi. Lábẹ́ síǹkì, lábẹ́ ihò ilẹ̀ balùwẹ̀, páìpù kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìkọ́. Omi díẹ̀ máa ń dúró síbi títẹ̀ náà, omi yìí ló sì ń dínà mọ́ òórùn sókàwéè kó má baà gòkè wọlé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lo omi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, afẹ́fẹ́ á fa omi náà gbẹ, ọ̀nà á ṣí, aáyán náà á sì gba ibẹ̀ jáde. Ojútùú rẹ̀ kò ju kí a da omi bí ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí a fọ ṣáláńgá olómi lẹ́ẹ̀kan. Bí ilé bá ṣì máa wà ní títì pẹ́, kí a da òróró ìdáná bíi ṣíbí méjì lé omi náà lórí: òróró á léfòó, kò ní jẹ́ kí omi tètè gbẹ. Ẹ ṣí gbogbo wíńdò fún odindi ọjọ́ kan lẹ́yìn náà. Bí òórùn bá ṣì wà ní ọjọ́ kejì, páìpù ló ti là tàbí sókàwéè ló ti kún, ẹ pe púlọ́ńbà.

Ẹ má fi ohun olóòórùn dídùn bo ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wọ ilé tó ṣófo tó gbọ́ òórùn lọ́fínńdà tàbí káńfọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n ń fi í pamọ́.

Inú ṣáláńgá olómi ló kàn, nítorí kò sí obìnrin ilé tí kò ní wò ó, àwọn ọkùnrin náà sì ń wò ó, wọn kàn ń ṣe bí ẹni pé wọn kò wò ó ni. Níbi tí omi bohóòlù bá ti ní èròjà irin nínú, ìlà pupa bíi ìpẹtà á wà yí inú àwo náà ká. Háípò tàbí jíìkì ni ọwọ́ gbogbo èèyàn máa ń yá sí. Wọn kò ràn án lọ́wọ́. Ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí àwọ̀ ìpẹtà náà túbọ̀ dì mọ́ ibi tó wà. Ohun kíkan ló ń bó o: fínígà, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ kó omi inú àwo náà kúrò, ẹ da fínígà sí i, ẹ fi tísù tó mu fínígà lẹ́ ara ìlà náà, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí ẹ bá ti kọ́kọ́ da háípò síbẹ̀, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lọ kí fínígà tó kan ibẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, èéfín olóró ló ń jáde, ó sì lè dá èèyàn lọ́ọ̀nà ọ̀fun nínú balùwẹ̀ tí kò ní wíńdò. Ìkìlọ̀ yìí kan náà bá oògùn ìfọṣáláńgá tó ní ásíìdì nínú.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí omi bá ń dún ṣìì nínú táńkì ẹ̀yìn rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, omi ń jò. Ẹ po búlùú tí a fi ń fọ aṣọ funfun díẹ̀ sínú táńkì náà, ẹ má fọ̀ ọ́ fún ìdajì wákàtí. Bí àwo ìsàlẹ̀ bá di aláwọ̀ búlùú, rọ́bà tó dé ìsàlẹ̀ táńkì ló ti gbó. Rọ́bà náà kò wọ́n, ìró omi yẹn sì máa ń jẹ́ kí àlejò ṣírò owó omi kó tó dé páálọ̀.

Ní fúláàtì tí à ń sọ yìí, ohun tó gba wàhálà jù ni sílíìnì yàrá kejì. Òjò ti ya àwòrán pupa rúsúrúsú síbẹ̀. Onílé fẹ́ kí wọ́n kàn fi ọ̀dà funfun kùn ún. Èyí kì í pẹ́ tú àṣírí, nítorí ọ̀dà olómi tí a ń kùn sára ògiri kò lè mú àbàwọ́n òjò mọ́lẹ̀: omi inú ọ̀dà gan-an ló ń yọ́ àwọ̀ náà, tó ń fà á jáde sójú. Ẹ ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, á tún yọjú lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí wọ́n kọ́kọ́ rán ẹni tó mọ òrùlé lọ sókè. Ihò ìṣó tó ti fẹ̀ tàbí páànù tó ti ká sókè ló sábà máa ń fà á. Bí ó bá tún un ṣe tán, ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fà á yí etí àbàwọ́n náà ká, kí ẹ wá dúró de òjò ńlá kan tàbí méjì. Bí rírin kò bá kọjá ìlà pẹ́ńsù, iṣẹ́ òrùlé ti dáa. Bí ó bá kọjá, ẹ pe ọ̀gá náà padà kí ẹ tó ra ọ̀dà kankan. Nígbà tí sílíìnì bá gbẹ dénú, ẹ fi ọ̀dà olóróró funfun kun ojú àbàwọ́n náà lẹ́ẹ̀kan, kó kọjá etí rẹ̀ díẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi ọ̀dà olómi kun gbogbo sílíìnì náà, torí pé bí ẹ bá kun ojúkan ṣoṣo, ojúkan náà á máa pe ara rẹ̀ ní àbùlẹ̀.

Ògiri tí ọ̀dà ń bó láti ìsàlẹ̀, tí ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ ń sù sí lára, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Nílé ìsàlẹ̀, láti inú ilẹ̀ ni omi ti ń fà gòkè, ọ̀dà kò sì ní agbára lórí rẹ̀. Lókè báyìí, ẹ wo ẹ̀yìn ògiri náà: balùwẹ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀, tí páìpù ti ń jò tàbí tí sìmẹ́ńtì àárín táìlì ti jẹ. Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí onílé sọ fún àlejò pé, "Ibí yìí ń rin, a ti tún páìpù ṣe, ó ń gbẹ lọ́wọ́." Ó sàn ju kí ayálégbé tuntun wá rí i lẹ́yìn oṣù méjì tó ti sanwó ọdún kan.

Ní ti ọ̀dà tí ẹ máa rà, ìṣirò rẹ̀ kò le. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, ní ògiri tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 480 ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ẹ yọ ilẹ̀kùn àti wíńdò, ó kù bíi 420. Lítà kan ń kun nǹkan bí 100 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì la sì máa kùn ún, ìyẹn lítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Garawa onílítà 20 kan á tó yàrá méjèèjì, ìwọ̀nba á ṣẹ́kù fún àtúnkùn. Bí akunlé bá ní kí ẹ ra garawa mẹ́ta fún yàrá méjì, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn ọ̀dà ni fífọ̀ gidi, kì í ṣe ṣáájú, nítorí akunlé á tún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Níbi fífọ̀ yìí, nẹ́ẹ̀tì wíńdò ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì. Eruku àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ti dí ojú rẹ̀ pa, ìmọ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà wọlé, onílé sì ń ra gílóòbù tó tóbi sí i lójoojúmọ́. Ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì náà, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ nu gíláàsì nínú àti lóde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń wí, ẹ fọ ti wíńdò kan ṣoṣo, kí ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kí ẹ fi wé ìkejì.

Gílóòbù wá kàn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀: 3000K ń tàn pọ́n díẹ̀, 6500K ń tàn funfun báláú. Iná funfun dáa ní kíṣìnì àti balùwẹ̀, ṣùgbọ́n ní páálọ̀ àti yàrá, ó máa ń tú gbogbo ipa ọwọ́ akunlé síta, èyí tó pọ́n ló tù mí lójú jù níbẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí méjèèjì wà nínú yàrá kan náà. Ẹ fi owó díẹ̀ sínú mítà náà, ẹ sì wò ó bóyá gbèsè ayálégbé àná ṣì wà lórí rẹ̀. Torí pé a ò lè fi NEPA búra, ẹ fi gílóòbù tó ń gba iná sára sí páálọ̀ àti kọ́ríidọ̀, kí ẹ sì pe àwọn àlejò sí òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán.

Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́. Yàrá tó ṣófo máa ń dà bíi pé ó kéré, torí ojú kò rí ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n. "Ṣé bẹ́ẹ̀dì mi á wọ ibí yìí báyìí?" ni ìbéèrè tí gbogbo wọn ń béèrè. Ẹ dá wọn lóhùn kí wọ́n tó béèrè. Ẹ to páálí tó dọ́gba jọ títí á fi ga tó orúnkún, ẹ gbé fóòmù tí ẹ yá lé e, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì aláwọ̀ kan ṣoṣo sí i kó bo páálí mọ́lẹ̀. Kí èjẹ́ǹtì ṣọ́ ọ o, torí àlejò tó ti gun àtẹ̀gùn mẹ́ta á fẹ́ jókòó. Ní páálọ̀, kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn láti òkè délẹ̀, ẹní kan, àga méjì àti tábìlì kékeré ti tó. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti ń fi owó ṣòfò.

Ìdákọ̀ọ̀kan ọ̀sẹ̀, kí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú lọ da omi sínú àwọn ihò yẹn, kó ṣí wíńdò, kó gbá aáyán tó kú síta. Bí àlejò bá sì gbà láti sanwó, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, pé kọ́tìnì, àga àti fóòmù kò sí lára ilé, àti pé gílóòbù wà lára rẹ̀.